Ọ̀sẹ̀ Méjì, Kò Sí Èsì: Lẹ́tà Ìránnilétí tí Ó Rọrùn Láti Dáhùn

Gbólóhùn kan ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òun ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fi àbá iṣẹ́ ránṣẹ́ tí kò rí èsì máa ń kọ: “Ẹ jọ̀ọ́, mo kàn ní kí n béèrè bóyá ẹ ti rí ìwé àbá tí mo fi ránṣẹ́.” Kò sí àrífín nínú rẹ̀, kò sì gùn. Síbẹ̀, lẹ́tà tí gbólóhùn yìí bá wà nínú rẹ̀ sábà máa ń lọ bá ti àkọ́kọ́ níbi tó dùbúlẹ̀ sí ni. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé ọ̀wọ̀ lòun fi hàn, kò mọ̀ pé ẹrù lòun tún dì fún ẹni tó ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìbéèrè náà wò. Bí oníbàárà bá dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti rí i,” gbogbo wa la mọ ìbéèrè tó kàn: kí lẹ wá rí sí i? Òun náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí kò tíì ní ohun tó máa fi dáhùn ìbéèrè kejì, kò ní fọwọ́ kan àkọ́kọ́. Á ní kí òun kọ́kọ́ bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀, kí òun lè dáhùn méjèèjì pọ̀. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ nìyẹn.

## Ohun tó wà nídìí ìdákẹ́jẹ́ náà

Tí a bá yọ Sátidé àti Sọ́ńdè kúrò, ọjọ́ iṣẹ́ 10 péré ló wà nínú ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìsinmi kan bá bọ́ sáàárín rẹ̀, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fún ilé iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lórí àbá náà má tíì pé. Nítorí náà, kí a má tètè ka ìdákẹ́jẹ́ sí ìkọ̀sílẹ̀. Àwọn kan wà lóòótọ́ tí wọ́n ti pinnu pé àwọn kò ṣe é, tí ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́. A óò dé orí tiwọn.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹni tí a fi àbá ránṣẹ́ sí kọ́ ló ń fọwọ́ sí owó. Ó ti ka ìwé náà, ó tiẹ̀ lè ti fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ gbà. Kí ẹni yẹn tó gbà, òun tó gba ìwé ní láti ṣàlàyé ìwé olójú ewé 12 fún ẹni tí kò bá wa pàdé rí: kí ni iṣẹ́ náà, èló ni, ìgbà wo ló máa parí, kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn wọ̀nyí la fẹ́ gbé e fún. Àlàyé yẹn ò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀. Orí tábìlì rẹ̀ ni iṣẹ́ wa dúró sí, ibi tó dúró sí gan-an sì ni àlàyé tó yẹ kó ṣe tí kò ráyè ṣe.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyẹn ni pé ó yẹ kí a kọ̀wé. Ohun tí a máa kọ ló ku.

## Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ìwé náà dé

Ẹ lọ sínú “Sent”, kí ẹ ṣí ímeèlì ọjọ́ yẹn. Ẹ ka àdírẹ́sì ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí àdírẹ́sì bá kù díẹ̀ káàtó, ìwé tó ń sọ pé ímeèlì náà kò dé máa ń padà wá, orúkọ tó sì máa ń gbé lórí ni “Mail Delivery Subsystem” tàbí “Mailer-Daemon”. Sáfà tó ń gbé ímeèlì lè máa gbìyànjú léraléra fún bí ọjọ́ 4 sí 5 kó tó jáwọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá máa wá, ó ti yẹ kó ti dé. Ẹ wá a nínú “Spam” tiyín náà, nítorí ibẹ̀ ló máa ń já sí nígbà mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí fáìlì tí ẹ so mọ́ ọn ṣe tóbi tó. MB 25 ni Gmail gbà kí a fi ránṣẹ́, àmọ́ bí fáìlì bá ṣe ń gba inú ímeèlì kọjá, ó máa ń wú ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Fáìlì MB 20 lè tipa bẹ́ẹ̀ kọjá ààlà, sáfà ilé iṣẹ́ mìíràn kì í sì í gbà tó bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ ìlíǹkì Google Drive lẹ fi ránṣẹ́, ẹ ṣí i nínú fèrèsé tí ẹ kò ti wọlé sí àkáǹtì yín. Bí ojú ewé tí wọ́n kọ “Request access” sí bá yọ, ohun tí oníbàárà yín rí náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ní àwọn ń padà bọ̀, wọn kì í sì í padà.

Ohun kan tún wà tó mú kí ọ̀sẹ̀ kejì ṣe pàtàkì. Gmail máa ń fúnra rẹ̀ pa ohun tó bá ti wà nínú “Spam” fún ọjọ́ 30 rẹ́. Bí ìwé yín bá já síbẹ̀, oníbàárà ṣì lè rí i fà yọ ní ọjọ́ kẹrìnlá. Bí ẹ bá dúró di oṣù kan àti ọjọ́ mélòó kan, kò sí ohun tó fẹ́ wá mọ́.

Ìkìlọ̀ kan kí a tó tẹ̀ síwájú: bó bá jẹ́ pé ìwé ìpè fún àbá ni ẹ dáhùn sí, irú èyí tí ìjọba tàbí àwọn àjọ ńlá máa ń gbé jáde tó ní òfin tiẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka òfin náà. Ó sábà máa ń dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí a lè kọ̀wé sí, àti ìgbà tí a kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lẹ́tà tó mọ́yán lórí níbòmíràn lè mú kí wọ́n yọ yín kúrò níbẹ̀.

## Lẹ́tà kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ayàwòrán ìkànnì kan fi àbá ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà. Ìkànnì tuntun ni wọ́n fẹ́, tí àwọn òbí á ti lè kún fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé lórí fóònù. Iṣẹ́ náà á gba ọ̀sẹ̀ 8. Ilé-ìwé ti sọ pé ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ni fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ ṣí. Ìwé àbá sọ pé ọjọ́ 30 ni iye owó tó wà nínú rẹ̀ máa fi dúró, ìyẹn di ọjọ́ 3 oṣù Keje. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì sí èsì.

Kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, kí ó kọ́kọ́ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ 8 sẹ́yìn bọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù Keje. Bí iṣẹ́ kò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, fọ́ọ̀mù kò ní lè ṣí lọ́jọ́ tí ilé-ìwé fẹ́. Ọjọ́ yìí ni ọkàn lẹ́tà náà, nítorí pé ìlérí tí ilé-ìwé ṣe fún ara rẹ̀ ló ti jáde, kì í ṣe ìkánjú ẹni tó ń wáṣẹ́. Lẹ́tà náà nìyí:

> Re: Àbá iṣẹ́ ìkànnì tuntun fún ilé-ìwé yín
>
> Ẹ káàárọ̀ mà,
>
> Kí fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé tó lè ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án bí ẹ ṣe fẹ́, iṣẹ́ lórí ìkànnì ní láti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Keje. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn, lórí àbá tí mo fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù yìí. Mo tún ti so ó mọ́ lẹ́tà yìí.
>
> Ní kúkúrú: ìkànnì tuntun ni, tí òbí á ti lè kún fọ́ọ̀mù lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ 8 ló máa gbà. Ìgbà méjì ni ẹ ó san owó rẹ̀, iye rẹ̀ sì wà ní ojú ìwé 9.
>
> Ìbéèrè kan ni mo ní: ṣé ọjọ́ 7 oṣù Keje ṣì bá ètò yín mu, àbí kí n wo ọjọ́ mìíràn? Bí ẹ bá sì ti gbé iṣẹ́ náà gba ibòmíràn, gbólóhùn kan péré náà tó, n óò dúpẹ́.
>
> Ẹ ṣeun, mà.

## Nígbà tí ó ṣí i lórí fóònù

Ẹ fọkàn yàwòrán ibi tí lẹ́tà yìí ti máa bá ọ̀gá ilé-ìwé náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìpàdé kan ni, ó ń lọ sí òmíràn, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni orúkọ ẹni tó kọ̀wé, àkọlé, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́: “Kí fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé tó lè ṣí ní ọjọ́ 1...” Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló rí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ “Mo lérò pé ara yín le, mo sì nírètí pé iṣẹ́ ń lọ déédéé” ló gba àyè yẹn, kò ní mọ ohun tó kàn án nínú rẹ̀ títí á fi ṣí i, ó sì lè má ṣí i.

Ó ṣí i. Ó ka ìpínrọ̀ mẹ́ta. Ó rántí pé òun kò tíì bá ẹni tó ni ilé-ìwé sọ ọ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Tí lẹ́tà náà bá jẹ́ èyí tó ń béèrè bóyá ó ti rí ìwé, á ní láti wá àbá náà, ṣí i, kà á, kó sì jókòó kọ àlàyé fún ọ̀gá rẹ̀. Kò sí àyè fún ìyẹn láàárín ìpàdé méjì. Lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí ti ṣe àlàyé náà tán. Á tẹ “Forward”, á kọ “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo èyí, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7,” á sì fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ tó ti dúró láti ọ̀sẹ̀ méjì ti rìn kó tó dé ẹnu ọ̀nà ìpàdé kejì.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni méjì là ń kọ lẹ́tà ìránnilétí sí: ẹni tó mọ̀ wá, àti ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí kò mọ̀ wá. Kí ẹ tó fi lẹ́tà yín ránṣẹ́, ẹ kà á bí ẹni kejì yẹn. Bí ó bá lè mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, bó ṣe máa pẹ́ tó, ibi tí iye owó wà, àti ìpinnu tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ òun, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, lẹ́tà náà ti pé. Ojú tí mo fi ń wo ọ̀wọ̀ nínú irú lẹ́tà yìí nìyẹn. “Ẹ jọ̀ọ́” mẹ́rin nínú ìpínrọ̀ kan kò gba iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ẹni tí a ń kọ ọ́ sí. Àlàyé tí a bá a ṣe ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún wo irú ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀. Kò béèrè pé “Ṣé ẹ ti gbà?”, nítorí kò sí níkàáwọ́ obìnrin yìí láti dáhùn ìyẹn. Ọjọ́ ló béèrè. Ó lè dáhùn pé “Ọjọ́ 7 dára, mo ń dúró de ọ̀gá,” kó má sì ṣe ìlérí tó ju agbára rẹ̀ lọ. Èsì bẹ́ẹ̀ kò tíì fún wa níṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún wa.

Gbólóhùn tó yọ̀ǹda fún un láti kọ̀ ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé a ń lé iṣẹ́ lọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti pinnu láti kọ̀ á kọ̀ bó ti wù kó rí, ohun tí gbólóhùn yẹn ṣe ni pé ó gba ìtìjú kúrò lójú rẹ̀, àwa náà á sì mọ̀ lónìí dípò oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí kò tíì pinnu sì sábà máa ń yára kọ̀wé pé, “Rárá o, a ò tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni.”

## Àwọn kókó kéékèèké tó ń ba lẹ́tà náà jẹ́

Orí ímeèlì àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti tẹ “Reply”, kí ìwé méjèèjì lè wà papọ̀. Ẹ má yí àkọlé padà, nítorí bí àkọlé bá yí, Gmail á yà á sọ́tọ̀ bí ọ̀rọ̀ tuntun, ti àkọ́kọ́ á sì ṣòroó rí. Ẹ rántí pé “Reply” kì í gbé fáìlì tó wà lára ìwé àkọ́kọ́ dání, “Forward” ló máa ń gbé e. Ẹ so fáìlì náà mọ́ ọn lákọ̀tun. Àìmọye lẹ́tà ló ń sọ pé “àbá náà wà nísàlẹ̀” tí kò sí ohunkóhun nísàlẹ̀.

Gbólóhùn tó léwu jù ni èyí: “Títí di àsìkò tí mo ń kọ̀wé yìí, n kò tíì rí èsì kankan gbà láti ọ̀dọ̀ yín.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ni. Ẹni tó kà á á kọ́kọ́ wá àwáwí, kó tó ronú lórí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ìdà kejì rẹ̀ ni “Ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu.” Bí a bá tọrọ àforíjì lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, a ti fi yé e pé ìyọlẹ́nu ni lẹ́tà wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dínwó tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Bí ìdákẹ́jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì bá mú kí a yọ ìdá mẹ́wàá kúrò nínú iye owó wa, ohun tí oníbàárà máa rò ni pé iye àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́, àti pé bí òun bá tún dákẹ́, òmíràn á tún yọ. Bó bá jẹ́ pé owó ló dí wọn lọ́wọ́, wọ́n á sọ ọ́, ìgbà náà la lè dín iṣẹ́ kù kí iye owó fi wálẹ̀.

Ti ẹ̀rọ tó ń sọ fún wa pé wọ́n ti ṣí ímeèlì, ẹ má gbára lé e. Àwòrán kékeré kan tó wà nínú ímeèlì ló sábà máa fi ń mọ̀. Láti ọdún 2021 ni Apple ti gbé ètò kan jáde nínú Mail tó máa ń fa àwòrán inú ímeèlì sílẹ̀ fúnra rẹ̀, yálà ẹni tó ni fóònù kà á tàbí kò kà á. Ẹ̀rọ yẹn lè sọ pé wọ́n ti ṣí i nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí i. Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni, ẹ má kọ “Mo rí i pé ẹ ti ṣí i lẹ́ẹ̀mẹta” sí ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ òun.

## Bí lẹ́tà yìí náà kò bá mú èsì wá

Ẹ fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyẹn bọ́ sí ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ má sì pè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ sọ orúkọ yín, ẹ bi í bóyá ó ráyè fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wá béèrè ohun tí lẹ́tà kò lè béèrè dáadáa: “Mà, ta ni ó tún yẹ kó rí ìwé yìí kó tó di pé ẹ lè pinnu? Ṣé nǹkan kan wà tí mo lè kọ tó máa ràn yín lọ́wọ́ láti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn?” Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló sábà máa ń tú ohun tó so. Ó lè sọ pé oníṣirò owó ló ń béèrè bóyá a lè san án ní ìgbà mẹ́ta, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí a lè dáhùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ má fo ẹni yìí dá kí ẹ lọ kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ fúnra yín. Ẹni tó yẹ kó gbè yín nìyẹn, ojú rẹ̀ ò sì ní fẹ́ rí yín mọ́.

Bí ìpè náà kò bá so èso, ó ku lẹ́tà kan, ọjọ́ 1 oṣù Keje ló sì yẹ kó lọ, ọjọ́ méjì kí iye owó tó wà nínú àbá tó parí. Gbólóhùn mẹ́ta tó: iye owó yìí dúró di ọjọ́ 3, lẹ́yìn rẹ̀ n óò yọ̀ǹda ọjọ́ 7 fún iṣẹ́ mìíràn, bí ẹ bá padà wá nígbàkígbà n óò kọ àbá tuntun fún yín. Ẹ má kọ ọ́ bí kì í bá ṣe òótọ́. Oníbàárà tó padà wá ní ọjọ́ 10, tó bá iye owó kan náà àti ọjọ́ kan náà nílẹ̀, kò ní gba ọjọ́ yín gbọ́ mọ́.

Èsì tó lè wá lẹ́yìn gbogbo èyí ni “Kò tíì yá báyìí.” Ẹ má jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ béèrè oṣù tí wọ́n tún máa ṣètò ìnáwó, kí ẹ sì kọ ọjọ́ kan sínú kàlẹ́ńdà yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú oṣù yẹn. Lọ́jọ́ náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ímeèlì tuntun pẹ̀lú àkọlé tuntun, kí ẹ ṣírò ọjọ́ àti owó lákọ̀tun, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dá yín lóhùn nígbà yẹn ṣe ìlà àkọ́kọ́.